Ẹ̀tọ́ Ìtà Ọ̀wọ́n, Ẹ̀tọ́ Ìrà Pọ́ọ́kú

Ní Ṣìkágò, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọjà kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀tọ́ lórí owó ìpín ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, kì í ṣe ìpín náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra ẹ̀tọ́ ìtà lè tà ní iye tí wọ́n ti fẹnu kò sí bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, bó ti wù kí ọjà wó tó. Ẹni tó ra ẹ̀tọ́ ìrà lè rà ní iye àdéhùn, bí owó tilẹ̀ ti fò kọjá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú S&P 500, òṣùwọ̀n tó ń fi owó ìpín nǹkan bíi 500 ilé-iṣẹ́ ńláńlá hàn, ká ní ó wà ní 5,000 lónìí. Ẹnì kan fẹ́ ẹ̀tọ́ ìtà ní 4,500, ẹnì kejì fẹ́ ẹ̀tọ́ ìrà ní 5,500, oṣù mẹ́ta sì ni àdéhùn méjèèjì. Bákan náà ni wọ́n jìnnà sí 5,000. Fọ́múlà tí Fischer Black àti Myron Scholes gbé jáde ní 1973 tilẹ̀ sọ pé ti ìrà ló yẹ kó wọ́n díẹ̀, nítorí owó lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, àmọ́ kò lè wálẹ̀ ju òfo lọ. Bí a bá fi 16% ṣe ìwọ̀n bí ọjà ṣe ń lọ sókè sódò lọ́dún, tí a fi ọ̀rọ̀ èlé sílẹ̀, ti ìrà á jẹ́ bíi 24, ti ìtà bíi 17.

Ẹ dé ọjà gan-an, òdìkejì lẹ máa bá. Owó ẹ̀tọ́ ìtà yẹn lè tó 47, kí ti ìrà má ju 11 lọ. Èmi ni mo ṣírò àpẹẹrẹ yìí, ṣùgbọ́n bí ọjà náà ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn oníṣòwò á wá yí fọ́múlà náà po: wọ́n á fi owó tí ọjà ń pè sínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n ìlọsókè-sódò tó bá owó náà mu. 22% ló máa jáde fún ẹ̀tọ́ ìtà, 13% fún ti ìrà. Bí wọ́n bá ya ìwọ̀n wọ̀nyí sórí pépà, láti iye àdéhùn tó kéré dé èyí tó ga, ìlà náà á dàgẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Ìfìsápákan yẹn ni ọ̀rọ̀ wa.

Ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Ọ̀wàrà 1987, Dow Jones fi 22.6% já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni ìlà ti dàgẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mark Rubinstein ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley sọ pé ìbẹ̀rù ìjálulẹ̀ ló fà á. Òun náà sì wà lára àwọn tó dá ọgbọ́n ìdáàbòbò ìpín kan sílẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹ̀bi ọjọ́ náà rù!

Ìbẹ̀rù nìkan kọ́, ṣá o. Ọjà ìpín máa ń gòkè bí adẹ́mu ṣe ń gun ọ̀pẹ, díẹ̀díẹ̀; bó bá ń bọ̀ nílẹ̀, igbà ló já. Bí owó bá ṣe ń wálẹ̀ ni ìmìtìtì ọjà ń pọ̀ sí i, nítorí náà kí S&P 500 tó dé 4,500, kì í ṣe ọjà 16% mọ́. Bó bá ń lọ sí 5,500, ọjà sábà máa ń fara balẹ̀ ni.

Ẹ tún wo àwọn tó ń rà àtàwọn tó ń tà. Àwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ti ní ìpín lọ́wọ́. Ìjálulẹ̀ ni wọ́n ń sá fún, wọ́n á ra ẹ̀tọ́ ìtà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ta ẹ̀tọ́ ìrà kí owó díẹ̀ lè wọlé. Bí èrò ṣe ń ti ọ̀kan sókè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ti èkejì sílẹ̀.

Ta ló wá ń ta ẹ̀tọ́ ìtà fún wọn? Ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ máa dáàbò bo ara rẹ̀: bí ọjà bá ṣe ń wálẹ̀ ni yóò máa ta S&P 500 lórí àdéhùn ọjọ́ iwájú, kí èrè ibẹ̀ lè dí òfò tibí. Èyí ṣeé ṣe bí owó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá sùn ní 5,000 tó jí ní 4,600, kò sí ibi tó ti lè tà láàárín méjèèjì. Bí gbogbo àwọn bíi tirẹ̀ bá sì jọ ń tà pa pọ̀, àwọn fúnra wọn ló tún ń ti ọjà lulẹ̀. Owó ewu yẹn ló ń gbà ṣáájú.

Nítorí náà, kí ẹ̀tọ́ ìtà wọ́n kò túmọ̀ sí pé ọjà fẹ́ẹ́ wó. Lọ́pọ̀ oṣù, ẹni tó tà á ló ń jèrè, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń tan èèyàn. Victor Niederhoffer, gbajúmọ̀ olùdókòwò ní Amẹ́ríkà, ti ta ẹ̀tọ́ ìtà S&P 500 lọ jàra, lẹ́yìn tó ti pàdánù owó ní Táílàǹdì, nígbà tí Dow Jones fi 554 já ní 27 oṣù Ọ̀wàrà 1997. Àpò ìdókòwò tó ń bójú tó kógbá sílé.

Kì í ṣe gbogbo ọjà ló ń fì sápá ibí yìí o. Nínú ọjà àgbàdo Ṣìkágò kan náà, ọ̀dá ni àwọn tó ń rà á fún oúnjẹ ẹran ń bẹ̀rù. Bí oṣù Keje, tí àgbàdo ilẹ̀ wọn ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, bá ń súnmọ́lé, ẹ̀tọ́ ìrà ló sábà máa ń wọ́n níbẹ̀.