Ta Ni Ó Ni Àwòrán Tí A Wo Fọ́tò Ẹlòmíràn Yà?

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Èkó sí Bìní kọjá ní Ore kò ní ṣàì rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà: lára ọkọ̀ akẹ́rù, lára ògiri búkà, lára pátákó àwọn onígbàjámọ̀ àti onídìrí. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí ni a kò ti inú ọkàn lásán yà. Fọ́tò kan ni ayàwòrán ń wò bí ó ti ń kun ọ̀dà. Bóyá oníbàárà ni ó mú un wá, bóyá orí fóònù ni òun fúnra rẹ̀ ti rí i. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí, ta ni ó ni ín? Bí mo bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìbéèrè yìí, kíákíá ni wọ́n ń pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan a ní ẹni tí ó ya fọ́tò ni, àwọn kan a ní ẹni tí ó kun ọ̀dà ni. Òfin kò gbè sẹ́yìn apá kankan pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀ràn kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo là á kalẹ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ìdílé kan ní Odigbo bẹ oníṣẹ́ fọ́tò kan ní ọ̀wẹ̀ olówó pé kí ó wá ya bàbá wọn nígbà tí bàbá náà pé ọmọ 70 ọdún. Bàbá jókòó, ó fi ọwọ́ kan ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi ìdajì ojú rẹ̀ sílẹ̀ nínú òjìji. Nígbà tí bàbá re ibi àgbà ń rè, àwọn ọmọ gbé fọ́tò náà tọ ayàwòrán kan lọ ní Ore kí ó yà á ní ńlá fún ìsìnkú. Iṣẹ́ náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ayàwòrán fi tún yà òmíràn fún ara rẹ̀. Ó fi oko kòkó sí ẹ̀yìn bàbá, ó sọ òjìji ojú rẹ̀ di aró, ó tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà, ó sì ń tà á ní ibùdókọ̀. Kò pẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wo kàlẹ́ńdà náà ya àwòrán kan náà sára ògiri búkà kan. Ìgbà náà ni ìjà dé.

Òfin tí ó jẹ mọ́ ọ̀ràn yìí ni Òfin Kọpiráìtì ilẹ̀ wa ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ẹni tí ó ya fọ́tò ni ó kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ inú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó sanwó iṣẹ́, àfi bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Èyí máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bébà fọ́tò tí ó wà lọ́wọ́ ìdílé jẹ́ tiwọn, wọn lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún títà ṣì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ fọ́tò. Síbẹ̀ òfin kò fi ìdílé sílẹ̀ lásán. Ẹni tí ó bẹ iṣẹ́ irú èyí fún ìlò ilé ní ìyọ̀ǹda láti lò ó ní ọ̀nà tí kì í ṣe ti òwò, ó sì lè dí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e jáde fún gbogbo ayé lọ́wọ́. Nítorí náà àwòrán ìsìnkú kò ní ẹjọ́ nínú. Kàlẹ́ńdà ni ó ní ẹjọ́, ìhà méjì ni ẹjọ́ náà sì ti lè wá.

Kí gan-an ni oníṣẹ́ fọ́tò ní? Kò ni ojú bàbá, kò sì ni oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ẹ rántí J. D. 'Okhai Ojeikere, olóògbé oníṣẹ́ fọ́tò tí ó ṣaláìsí ní ọdún 2014, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1968 láti máa ya irun àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, tí fọ́tò irun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ṣùkú kì í ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ àwọn onídìrí ni ó ti rí i. Ayàwòrán tí ó bá jókòó ti onídìrí ní Ore, tí ó ya ṣùkú tí ó rí níbẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ibi tí Ojeikere dúró sí, bí ó ti yí orí náà padà, bí ó ti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí ìlà irun, èyíinì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni pé kí á gbé àwòrán àti fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ọwọ́ bá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ibi kan náà, tí òjìji bá gba imú kọjá ní ìlà kan náà, tí aṣọ sì ká bákan náà, yíyí àwọ̀ padà kò gba ayàwòrán sílẹ̀.

Ǹjẹ́ ayàwòrán kò wá ní ohunkóhun bí? Ó ní. Òfin sọ pé iṣẹ́ tí ènìyàn fi akitiyan fún ní ìrísí tirẹ̀ kò pàdánù ààbò kìkì nítorí pé a tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lójú nígbà tí a ń ṣe é. Oko kòkó náà, aró náà, bí búrọ́ọ̀ṣì ti rìn, ti ayàwòrán Ore ni. Ó lè pe ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kun ògiri búkà lẹ́jọ́ lórí ìwọ̀nyí, bí òun alára tilẹ̀ jẹ́ olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ fọ́tò. Olówó àti onígbèsè ni nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó ta odindi láìgba ìyọ̀ǹda, nítorí kò sí bí ó ti lè gé ìdá tirẹ̀ kúrò lára ti ẹnìkejì.

Àwọn kan yóò ní ẹni ńlá a máa ṣe é láìsí wàhálà. Bóyá Andy Warhol ni wọ́n ń rò. Lynn Goldsmith ya olórin tí ń jẹ́ Prince ní fọ́tò ní ọdún 1981. Ní ọdún 1984, ìwé ìròyìn Vanity Fair san 400 dọ́là kí Warhol lè wo fọ́tò náà ya àwòrán kan, fún ìlò ẹ̀ẹ̀kan péré. Warhol ya 16. Nígbà tí Prince kú ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ìwé ìròyìn náà san 10,000 dọ́là fún àjọ tí ń tọ́jú ogún Warhol kí wọ́n lè lo òmíràn nínú wọn. Goldsmith kò gba kọ́bọ̀. Ní ọdún 2023, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá a láre, adájọ́ méje sí méjì, pé nítorí àti lé fọ́tò àti àwòrán náà lórí iṣẹ́ kan náà, èyí tí í ṣe fífi ojú Prince han nínú ìwé ìròyìn, ìlò náà kò rí àwíjàre nínú ìdí tí a fi lò ó. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé-ẹjọ́ náà kò sọ pé Goldsmith ni ó ni àwọn àwòrán Warhol. Ìlò kan ni ó dá lẹ́jọ́. Òfin Amẹ́ríkà kò de Ore, ṣùgbọ́n òfin tiwa náà ń béèrè ìdí ìlò, irú iṣẹ́ tí a lò, bí ohun tí a mú ti pọ̀ tó, àti ìpalára tí ó ṣe fún ọjà oníṣẹ́ àkọ́kọ́. Kàlẹ́ńdà títà kò lè fi bẹ́ẹ̀ gbèjà ara rẹ̀ níwájú ìbéèrè mẹ́rin yìí.

Ní ti fọ́tò tí àwọn ilé-iṣẹ́ kó jọ sórí ẹ̀rọ ayélujára fún títà, ìyọ̀ǹda ni owó ń rà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Kí ayàwòrán ka ìwé ìyọ̀ǹda náà: púpọ̀ nínú wọn gba ìlò fún ìpolówó, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè owó mìíràn bí àwòrán náà bá jẹ́ kókó ohun tí a fẹ́ tà. Ọjọ́ orí fọ́tò pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ní ilẹ̀ wa, ààbò fọ́tò dúró fún 50 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí a kọ́kọ́ gbé e jáde. A kì í kà á láti ọjọ́ ikú ẹni tí ó yà á.

Bí mo bá jẹ́ alájà fún àwọn ará Odigbo àti Ore inú àpẹẹrẹ wa, bébà kan ni mo máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ. Oníṣẹ́ fọ́tò yóò mú fáìlì àkọ́kọ́ rẹ̀ wá, ayàwòrán yóò mú ìlà ìdáwọ́lé rẹ̀ wá. Wọn yóò kọ fọ́tò wo ni, kàlẹ́ńdà mélòó, ọdún wo, èló ni yóò jẹ́ ti ẹnìkọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀dà kan. Ìdílé bàbá yóò sì fọwọ́ sí i pé àwọn gbà kí ojú bàbá wọn jáde. Ẹni tí ó kun ògiri búkà ńkọ́? Ẹni méjì ni òun yóò lọ bẹ̀.