Lẹ́tà Aláboyún Sí Ọ̀gá Ibi Iṣẹ́

Láàárín àwa Yorùbá, a kì í tètè fọn fèrè oyún. Obìnrin á fi í mọ́ra títí ikùn yóò fi sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ oṣù ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ikùn ti yọ, gbogbo ọ́fíìsì ti ń kí i, síbẹ̀ kò sí bébà kankan nínú fáìlì rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀, ọ̀gá á ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ní abala 54, kò sọ oṣù tí obìnrin gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀rọ̀ oyún rẹ̀ payá. Ìwé dókítà ló béèrè. Bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi. Lẹ́yìn tó bá sì bí, ọ̀gá kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àmọ́ èmi ò ní gba aláboyún nímọ̀ràn pé kó dúró di ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó sọ̀rọ̀. Oṣù karùn-ún dára. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù wúwo tàbí tó ń fọwọ́ kan kẹ́míkà níbi iṣẹ́ ní láti sọ ọ́ ṣáájú ìgbà yẹn.

Ká ní akọ̀wé kan ní ilé iṣẹ́ aládàáni n'Ìbàdàn ń gba 80,000 náírà lóṣù, dókítà sì ti sọ fún un pé ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ni kó máa retí ọmọ. Bí a bá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, a ó bọ́ sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ. Bí a bá ka mẹ́fà síwájú, ó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ máa fi kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kọ̀wé yìí láti fi tó yín létí pé mo lóyún. Dókítà ní kí n máa retí ọmọ ní nǹkan bí ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ìbímọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, n ó sì mú ìwé ẹ̀rí dókítà wá kí n tó lọ. Mo ń retí àtipadà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá, àmọ́ ọjọ́ tí mo bá bímọ gan-an la ó fi ṣírò rẹ̀. N ó fi ìwé owó àti kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ bá yàn, n ó sì fi iṣẹ́ náà hàn án láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye tí ẹ ó máa san fún mi lásìkò ìsinmi náà ránṣẹ́ sí mi.”

Gbólóhùn “ọjọ́ tí mo bá bímọ gan-an” yẹn ṣe pàtàkì, torí ọmọ kì í wo kàlẹ́ńdà. Bó bá dé ní ọjọ́ 24, ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ẹ̀yìn ìbímọ tó pé. Ẹni tó bá kọ ọjọ́ ìpadà bí ẹni búra ti fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìsinmi kúrú.

Ní ti owó, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá náà fún oṣù mẹ́fà gbáko kó tó lọ ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún, owó náà kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdajì. 40,000 náírà lóṣù nìyẹn fún akọ̀wé wa, bí wọ́n bá ti gbà á síṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 3 oṣù Kejì. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹrin ni wọ́n gbà á, ó lè lọ sinmi, ṣùgbọ́n òfin ò fi tipá mú ọ̀gá láti sanwó. Owó ọsibítù náà kò sí lọ́rùn ọ̀gá. Ìdajì yìí kéré lójú mi, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ pé. Nítorí náà, kí aláboyún kọ́kọ́ yẹ ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ wò, torí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣèlérí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọ̀gá kan á ní kó kúkú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kó padà wá bó bá ti bímọ tán. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Òfin kò gbà kí wọ́n fún un níwèé ìdádúró nígbà tó wà nínú ìsinmi yìí, àmọ́ ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé lọ ti bọ́ sẹ́yìn ààbò náà. Bó bá sì padà tó ń fún ọmọ lọ́mú, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún un.

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ọ̀kan, kí ẹ sì mú un lọ sílé.