Ìgò Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá: Yíyọ Nǹkan Kúrò Nínú Fọ́tò Kékeré

Fọ́tò tí àwọn èèyàn sábà máa ń fẹ́ tún ṣe kì í ṣe èyí tí wọ́n yà lánàá. Èyí tó ti pẹ́ ní ìrìn àjò ni. Wọ́n yà á níbi ìnáwó kan, ẹnì kan fi í sórí WhatsApp ẹbí, ẹlòmíì gbà á, òun náà tún fi í ránṣẹ́, títí fóònù tí wọ́n fi yà á fi bàjẹ́. Nígbà tí bàbá bá wá ṣaláìsí, tí àwọn ọmọ ń wá àwòrán tó máa wọ inú ìwé ètò ìsìnkú, òun nìkan ló kù. Bàbá jókòó dáadáa, agbádá funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ìgò mínírà aláwọ̀ ewé kan dúró ṣánṣán lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdajì ìgò náà bo apá agbádá, ìdajì kejì bo ògiri aláwọ̀ mílíìkì tó wà lẹ́yìn.

Snapseed ni áàpù tí mo máa ń lò fún irú iṣẹ́ yìí. Google ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni lórí Android àti iPhone, kì í sì í lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ fọ́tò tí ẹ bá ṣe tán. Irinṣẹ́ tí a nílò nínú rẹ̀, ìyẹn Healing, kì í jẹ dátà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ wo àlàyé fọ́tò náà níbi tí fóònù yín ń kó fọ́tò sí. Ti bàbá yìí jẹ́ 480 × 640: ẹ̀kán àwọ̀ 480 ló tò ní ìbú, 640 ní òró. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 307,200, bẹ́ẹ̀ fọ́tò fóònù òde òní sábà máa ń ní mílíọ̀nù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹni tó ya fọ́tò náà bá ṣì ní in lọ́wọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi Document, torí pé tí èèyàn bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́nà tí gbogbo wa ń gbà, WhatsApp máa ń sọ ọ́ di kékeré kó tó gbé e lọ. Àwọn kan a fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, wọ́n á wá ya ojú fóònù. Ẹ̀kán àwọ̀ á pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tuntun kankan nínú wọn.

Ká ní kò sí òmíràn, ti 480 × 640 yìí náà la máa bá ṣe. Ohun tó ń fa wàhálà nínú fọ́tò kékeré ni etí ìgò, kì í ṣe ìgò fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pa fọ́tò mọ́ ní JPG, wọ́n máa ń pín in sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ẹ̀kán mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní òró. Àwọ̀ ni wọ́n sì máa ń fi ṣahun jù: ìsọfúnni àwọ̀ tó yẹ fún igun kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń nà kárí ẹ̀kán 16 ní ìbú àti 16 ní òró. Ewé ara ìgò á wá ràn mọ́ ògiri àti agbádá bí aró ṣe ń ràn mọ́ aṣọ funfun. Nínú fọ́tò ńlá tí òró rẹ̀ jẹ́ 4,000, ẹ̀kán 16 kò já mọ́ nǹkan kan. Nínú tiwa yìí, ìgò náà gan-an kò ju bí 30 lọ ní ìbú, nítorí náà àbàwọ́n tó yí i ká lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ìdajì ìgò. Ẹni tó bá fi ìka tọ etí ìgò géérégé, ìgò á lọ, òjìji rẹ̀ aláwọ̀ ewé á ṣẹ́ kù sára ògiri.

Ó yá, ẹ ṣí fọ́tò náà nínú Snapseed, ẹ tẹ Tools, kí ẹ yan Healing. Ẹ fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà títí ìgò á fi gba bí ìdá mẹ́ta ojú fóònù. Bí ìka yín ṣe ń kun ibi tó fẹ̀ tó lójú fóònù kì í yí padà, nítorí náà bí ẹ bá ṣe fẹ fọ́tò tó ni ìka yín á ṣe rí tínínrín tó lórí rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn fẹ̀ ẹ́ jù, kó wá máa họ ìgò díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà nítòsí ni Healing fi ń dí ihò tó bá gbẹ́. Tí ẹ bá nu àárín ìgò tí etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ara etí yẹn ló máa yá àwọ̀ lò, ewé á sì tún padà wá.

Apá òkè ìgò, níbi tó ti kan ògiri nìkan, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kùn ún pa pọ̀ láìgbé ìka, kí ẹ jẹ́ kí àmì pupa tó ń hàn lábẹ́ ìka kọjá etí ìgò dé ibi tí ògiri ti mọ́ dáadáa, kí ẹ tó gbé ìka sókè. Níbi tí ẹ dúró sí, ẹ máa rí ewé díẹ̀ tó dàrú. Ẹ fi í sílẹ̀. Ìkùn tó kàn á bẹ̀rẹ̀ láti òkè rẹ̀, á sì gbé e lọ. Ẹ wá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìgò àti òjìji rẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé òjìji, tábìlì á wá ní òjìji nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

Ìlà tí agbádá ti pàdé ògiri ló le jù. Àwọn ìkùn kúkúrú tó dábùú ìlà náà ni kí ẹ lò, kí ìlà lè hàn lókè àti nísàlẹ̀ ìkùn kọ̀ọ̀kan, nítorí inú ohun tó ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni áàpù náà ti ń mú ìlà kọjá. Tó bá gbé ògiri wọnú agbádá, ẹ tẹ ọfà tó kọrí sẹ́yìn, kí ẹ tún un kùn láti igun mìíràn. Ẹ má ṣe kun ibi tó ti bàjẹ́ lórí ara rẹ̀, torí pé ṣe lá máa di ẹrẹ̀ sí i. Iṣẹ́ ọnà tí ìgò bò lára agbádá kò lè padà wá. Aṣọ funfun lásán la máa rí níbẹ̀. Bí ojú tàbí ọwọ́ ni ìgò bò, ẹ fi ìgò sílẹ̀.

Tí ewé díẹ̀ bá ṣì kù lára agbádá, ọ̀nà tó rọrùn wà. Ẹ padà sí Tools, ẹ yan Brush, kí ẹ yan Saturation, kí ẹ dín in kù dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá fi ìka pa ibẹ̀. Àwọ̀ á gbẹ lára rẹ̀, á sì di funfun. Ẹ má ṣe dán an wò lára ògiri, torí pé eérú ni ògiri aláwọ̀ mílíìkì máa dà. Healing náà ni kí ẹ tún lò níbẹ̀.

Ẹ wá dín fọ́tò kù sí bó ṣe máa rí nínú ìwé, kí ẹ wò ó. Ohun méjì ló máa ń tú àṣírí: àbàwọ́n kan náà tó hàn lẹ́ẹ̀mejì nítòsí ara wọn, àti ibi tó ń dán ju àyíká rẹ̀ lọ. Ti àkọ́kọ́, ẹ fi Healing pa ọ̀kan rẹ́. Ti ìkejì, ẹ lo Grainy Film sí gbogbo fọ́tò náà: ẹ gbé Style Strength sí 0 kí àwọ̀ má bàa yí padà, kí ẹ sì fi Grain díẹ̀ sí i. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó kan, kí ẹ pa á mọ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún JPG pa mọ́ ló ń pàdánù díẹ̀ sí i. Kí èyí tí ẹ gbà níbẹ̀rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀.

Àwọn ọmọ lè fẹ́ gbé e fún áàpù tó ń sọ fọ́tò kékeré di ńlá. Èmi kì í gbà á fún ojú òkú. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ máa ń fi ojú inú ara rẹ̀ ya ohun tí kò rí, bàbá á sì dà bí àbúrò ara rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé fẹ́ràn ẹ̀kán 300 nínú íǹṣì kan. Ní ìwọ̀n yẹn, fọ́tò bàbá yìí máa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4, yóò sì ga díẹ̀ ju 5 lọ. Ẹ lè lọ dé ìlọ́po méjì ìyẹn kó ṣì ṣeé wò. Ẹ fi í sínú ìwé ètò, ṣùgbọ́n ẹ wá fọ́tò mìíràn fún báńà.