Ọjà Inú Sítọ́ọ̀ Ló Ń Yí Èrè Padà

Ẹ jẹ́ ká mú ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan. Ní oṣù kìíní, ó ta páálí 800. Ní oṣù kejì, ó ta 1,000. Iye tó ń ta páálí kan kò yí padà, owó ilé kò lé, epo èkùrọ́ kò wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìwé ìṣirò tí akáńtáǹtì gbé síwájú ọ̀gá sọ pé èrè oṣù kìíní jẹ́ ₦600,000, èrè oṣù kejì sì jẹ́ ₦200,000. Ọjà tà sí i, èrè já wálẹ̀. Akáńtáǹtì kò jí kọ́bọ̀, kò sì ṣi ìṣirò ṣe.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1936, ọ̀gbẹ́ni Jonathan Harris, tó ń ṣe ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó fi béèrè pé kí la tilẹ̀ jèrè lóṣù tó kọjá. Ohun tó ń dà á láàmú nìyí gan-an: ọ̀gá rí i pé ọjà tà, ó ń retí èrè ńlá, ìwé sì gbé èrè kékeré wá. Ọ̀nà tí Harris dábàá láti fi tú ìdí ọ̀rọ̀ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní májínà kọ́sítìn lónìí. Èyí tó fa ìdààmú náà ni wọ́n ń pè ní àbísọ́púṣọ̀n kọ́sítìn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, màá pe ti àkọ́kọ́ ní ọ̀nà àlékún, màá sì pe ìkejì ní ọ̀nà àkópọ̀.

Inú ìnáwó ilé iṣẹ́ ọṣẹ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìnáwó kan wà tó ń bá iṣẹ́ rìn: epo èkùrọ́, sódà, lọ́fínńdà, bébà tí wọ́n fi ń wé ọṣẹ, páálí fúnra rẹ̀, àti owó àwọn tí wọ́n ń gbà lórí iye tí wọ́n bá gé. Páálí kan ń jẹ ₦4,000 nínú irú ìnáwó báyìí. Bí wọn ò bá ṣe páálí kankan, wọn ò ná an. Ìnáwó kejì dúró sójú kan: owó ilé, owó oṣù àwọn alábòójútó iṣẹ́, owó gbígbó ẹ̀rọ. Èyí jẹ́ ₦4,000,000 lóṣù, wọn ì báà ṣe páálí kan ṣoṣo, wọn ì báà ṣe ẹgbẹ̀rún. Owó ọ́fíìsì àti ti àwọn tó ń polówó ọjà tún wà níbẹ̀, ₦1,000,000 lóṣù. Wọ́n ń ta páálí kan ní ₦10,000, iye tí wọ́n sì máa ń ṣe lóṣù tí nǹkan bá lọ déédéé jẹ́ páálí 1,000.

Ìbéèrè tó pín ọ̀nà méjèèjì níyà kò ju ọ̀kan lọ: ₦4,000,000 tó dúró sójú kan yẹn, ìgbà wo ló yẹ ká yọ ọ́ kúrò nínú èrè?

Ọ̀nà àkópọ̀ ní ara ohun tí ọṣẹ fi di ọṣẹ ni owó ilé àti owó ẹ̀rọ jẹ́, nítorí náà kí páálí kọ̀ọ̀kan gbé ìpín tirẹ̀. A pín ₦4,000,000 sí ọ̀nà 1,000, páálí kan gbé ₦4,000. A fi kún ₦4,000 ti epo àti sódà, páálí kan wá di ₦8,000. Páálí tí wọ́n bá tà ló máa gbé ẹrù rẹ̀ wọ inú ìṣirò oṣù yẹn. Èyí tí wọn ò bá tíì tà yóò jókòó sínú sítọ́ọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, títí di oṣù tí wọ́n bá tà á.

Ọ̀nà àlékún kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, oṣù ló ni owó ilé, kì í ṣe ọṣẹ ló ni ín. Bí oṣù bá ti parí, owó náà ti lọ nìyẹn, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Páálí tó wà nínú sítọ́ọ̀ kò ju ₦4,000 lọ. Tí wọ́n bá ta páálí kan ní ₦10,000, ₦6,000 tó ṣẹ́kù ni ìdáwó tí páálí yẹn mú wá, òun ni wọ́n ń kó jọ láti fi san ìnáwó tó dúró. Lẹ́yìn tí wọ́n bá san án tán ni èrè tó bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé oṣù kìíní. Wọ́n ṣe páálí 1,000, wọ́n ta 800. Lọ́nà àkópọ̀, owó ọjà jẹ́ ₦8,000,000, iye tí ọjà tí wọ́n tà dúró lé jẹ́ ₦6,400,000, ó ṣẹ́ku ₦1,600,000. Ẹ yọ mílíọ̀nù kan ti ọ́fíìsì àti ìpolówó, ₦600,000 ni èrè. Lọ́nà àlékún, páálí 800 mú ìdáwó ₦4,800,000 wá, ìnáwó tó dúró sì jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún lápapọ̀. Àdánù ₦200,000 ni. Ọjà kan náà, oṣù kan náà: ìwé kan ní wọ́n jèrè, ìkejì ní wọ́n pàdánù.

Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ ₦800,000. Ẹ wo inú sítọ́ọ̀: páálí 200 ló kù níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ₦4,000 owó ilé àti ẹ̀rọ sórí. Igba lọ́nà ₦4,000 jẹ́ ₦800,000. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ìyàtọ̀ yẹn.

Ní oṣù kejì, iná ṣe wọ́n báṣubàṣu, páálí 800 péré ni wọ́n rí ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ta 1,000 nítorí pé 200 ti wà nílẹ̀. Ọ̀nà àlékún rí ìdáwó ₦6,000,000, ó yọ mílíọ̀nù márùn-ún, èrè jẹ́ ₦1,000,000. Ọ̀nà àkópọ̀ ní tirẹ̀ ní láti tún wo ohun kan. Páálí 800 tí wọ́n ṣe lè gbé ₦3,200,000 péré nínú ₦4,000,000. ₦800,000 kò rí páálí gbé e, ó sì di dandan kí oṣù yẹn fúnra rẹ̀ gbé e. Nítorí náà, ₦2,000,000 tó ṣẹ́kù lórí ọjà, ẹ yọ ₦800,000, ẹ yọ mílíọ̀nù kan ti ọ́fíìsì, ₦200,000 ló kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ tó ya ọ̀gá lẹ́nu ti wá nìyẹn. Ẹ wá ro oṣù méjèèjì pọ̀: ₦600,000 àti ₦200,000 jẹ́ ₦800,000. Mílíọ̀nù kan, ẹ yọ àdánù ₦200,000, ₦800,000 náà ni. Nígbà tí sítọ́ọ̀ gbẹ, ìjà parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ICAN kò nílò kó há ìlànà kankan sórí. Kó wo sítọ́ọ̀. Bí ọjà inú rẹ̀ bá pọ̀ sí i láàárín oṣù, èrè ọ̀nà àkópọ̀ ló máa ga jù. Bó bá dín kù, ti ọ̀nà àlékún ló máa ga jù. Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ń kọsẹ̀ ni pé wọ́n máa ń da owó ọ́fíìsì àti ti ìpolówó mọ́ owó tí páálí gbé. Rárá o. Ìnáwó ibi iṣẹ́ nìkan ni páálí ń gbé. Owó ìpolówó kì í wọ sítọ́ọ̀ lọ́nà kankan nínú méjèèjì.

Oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Ká ní wọ́n ti ṣèlérí bónọ́ọ̀sì fún ọ̀gá ilé iṣẹ́ lórí èrè tí ìwé ọ̀nà àkópọ̀ bá gbé jáde. Ọjà kò yá, páálí 800 ni wọ́n lè tà. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ títí wọ alẹ́, wọ́n ṣe páálí 1,600. Owó tí páálí kọ̀ọ̀kan ń jẹ kò yí padà. Ní ti ọ̀nà àlékún, páálí 800 náà ni wọ́n tà, àdánù ₦200,000 náà sì ni. Ṣùgbọ́n lórí ìwé ọ̀nà àkópọ̀, páálí 1,600 gbé ₦6,400,000 nígbà tí owó tó wà nílẹ̀ láti gbé kò ju ₦4,000,000 lọ. ₦2,400,000 tó lé yẹn padà wá kún èrè, èrè sì di ₦3,000,000! Ọkùnrin yìí jèrè láìta páálí kan kún un. Ohun tó ṣe ni pé ó kó owó ilé wọ sítọ́ọ̀.

Àwọn tó ṣòfin ìṣirò owó mọ ọgbọ́n yìí. IAS 2, tó dá lé ọjà inú sítọ́ọ̀ lórí, fọwọ́ sí ọ̀nà àkópọ̀ nìkan fún ìwé tí àwọn ará ìta máa kà, òun náà sì ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ṣíà ní gbangba ní Nàìjíríà ń tẹ̀ lé láti 2012 tí wọ́n ti gba ìlànà àgbáyé. Ṣùgbọ́n òfin náà ní bí iye tí wọ́n ṣe bá ga kọjá ti àtẹ̀yìnwá, kí wọ́n dín ohun tí páálí kan ń gbé kù. Nítorí náà, ₦4,000,000 tí a pín sí 1,600 jẹ́ ₦2,500 fún páálí kan, kì í ṣe ₦4,000. Páálí 800 tó kù nílẹ̀ yóò gbé ₦2,000,000, èrè oṣù náà yóò sì di ₦1,800,000. Òfin ti ta dà nínú rẹ̀, àmọ́ kò ta gbogbo rẹ̀ dà. Èrè tí kò ti ara ọjà títà wá ṣì wà níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ó yẹ kí ọ̀gá tó fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ìwé ọ̀nà àlékún lọ́wọ́, bí òfin ò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní òun máa ra páálí 100 ní ₦6,500, tí ẹ̀rọ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀nà àkópọ̀ á ní àdánù ₦1,500 ni lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà àlékún á ní ₦2,500 ló máa wọlé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦250,000 lápapọ̀, nítorí pé owó ilé ò ní tìtorí páálí 100 yẹn lé. Òótọ́ lòun sọ. Àmọ́ kò gbọdọ̀ di àṣà: bí wọ́n bá ta gbogbo páálí 1,000 ní iye yẹn, ₦2,500,000 ló máa wọlé, ìnáwó tó dúró sì jẹ́ ₦5,000,000. Ó tún níbi tó kù díẹ̀ káàtó sí: nínú ìgbésí ayé, ìnáwó kì í pín sí méjì rẹ́rẹ́ bíi ti inú ìwé. Owó iná ní apá tó dúró àti apá tó ń bá iṣẹ́ rìn, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù kì í sì í lọ sílé nítorí pé epo tán.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èrè inú ìwé kan ti sítọ́ọ̀ wá, kó gbé iye ọjà tó wà nílẹ̀ níparí ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún tó ṣáájú, kó sì wo iye tí wọ́n tà. Bí ọjà ilẹ̀ bá di ìlọ́po méjì tí títà sì dúró sójú kan, kó béèrè owó tó wọ báńkì. Nítorí ẹrù tó wà lórí páálí wọ̀nyẹn kò lè jókòó títí láé. IAS 2 ní bí iye tí ọjà lè tà bá kéré sí iye tó dúró lé, kí wọ́n já a wálẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá gbé ọṣẹ wọ̀lú tí páálí kan sì di ₦6,000, páálí 800 tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ₦6,500 yóò pàdánù ₦500 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦400,000 lápapọ̀, nínú ìwé oṣù kẹrin. Nígbà yẹn, ọ̀gá ti gba bónọ́ọ̀sì oṣù kẹta.