Ohun Tó Ń Jẹ Igi Òrùlé Àtijọ́

Àwọn ilé àtijọ́ tó ṣì dúró ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìsàlẹ̀ Èkó, igi gidi bí ìrókò àti apá ni wọ́n fi gbé òrùlé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí onílé bá gòkè àjà tó rí ihò lára igi, ẹ̀rù á bà á, á sì ránṣẹ́ pe káfíńtà pé kó wá tú gbogbo rẹ̀. Kò yẹ kó yá a tó bẹ́ẹ̀. Ikán, ìjẹrà àti kòkòrò ló ń jẹ igi òrùlé, oògùn ọ̀kan kì í sì í ṣe oògùn èkejì.

Ikán ilẹ̀ kì í ti ojú ọ̀run wọlé. Láti inú ilẹ̀ tútù ló ti ń mọ ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ gun ògiri, títí yóò fi kan igi tó jókòó lórí ògiri. Inú igi ló ń jẹ, á fi èèpo ẹ̀yìn sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú lásán ò fi lè rí i. Ẹ fi ìdí sukurudáfà kan igi náà: bí ó bá ń dún gbàgà, inú rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ fọ́ ọ̀nà amọ̀ náà, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá ti tún un mọ, ikán ṣì wà nídìí iṣẹ́, ìpìlẹ̀ ilé sì ni kí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ da oògùn sí. Bí wọn ò bá tún un mọ, ẹ ṣì yí ilé ká, nítorí wọ́n lè ti gba ibòmíràn. Ikán mìíràn wà tó ń gbé inú igi gbígbẹ, tí kò níí ṣe pẹ̀lú ilẹ̀. Èyí kì í mọ amọ̀, wóró líle kéékèèké ló máa ń dà sílẹ̀ lábẹ́ ihò rẹ̀, oògùn inú ilẹ̀ ò sì kàn án rárá.

Kòkòrò ní tirẹ̀ ń lu ihò róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ, ohun tó ń dà sílẹ̀ sì kúnná bí èlùbọ́. Ara funfun tó yí igi ká ló fẹ́ràn, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Arère ni wọ́n ń jẹ jù. Inú ìrókò tó ti gbó, wọn kì í sábà fọwọ́ kàn án. Nítorí náà ìrókò tí etí rẹ̀ kún fún ihò lè le koko nínú. Ẹ ha ibi tó ti di lúbúlúbú kúrò, kí ẹ wọn èyí tó kù. Àmọ́ ẹ má ṣe fojú di ohun tó lọ: bí igi tó ga ní ínṣì 4 bá ku 3, agbára tó fi ń gbé ẹrù ò ju ìdajì lọ púpọ̀ mọ́. Láti mọ̀ bóyá kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbá ìyẹ̀fun náà kúrò, kí ẹ lẹ bébà bo àwọn ihò náà. Bí ihò tuntun bá lu bébà kí ọdún tó yípo, ó ṣì wà.

Ìjẹrà ló ń ba òrùlé jẹ́ jù lójú tèmi, omi sì ni ìyá rẹ̀. Olú tó ń jẹ igi kì í lè hù lára igi tí omi inú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n igi náà. Ibi tí ẹ ó ti rí i ni etí òrùlé, abẹ́ ihò ìṣó tó ti fẹ̀ lára páànù, àti orí igi tí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì bò mọ́nú ògiri, tí afẹ́fẹ́ ò dé. Ẹ ti ẹnu sukurudáfà bọ̀ ọ́, kí ẹ fi hú u. Igi tó le á ya ní èérún gígùn. Èyí tó ti jẹrà á kán kúkúrú.

Ẹ jẹ́ ká mú ráfítà ìrókò kan tí orí rẹ̀ ti jẹrà tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ létí ògiri. Ẹ kọ́kọ́ dí ihò páànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, asán ni gbogbo iṣẹ́ tó kù. Ẹ fi òpó gbé ráfítà náà dúró, kí ẹ gé e dé ibi tó le, kí ẹ tún fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún un. Ẹ wá fi pákó gbígbẹ méjì tí gíga wọn bá ti ráfítà dọ́gba há a láàárín, kí wọ́n gun ara igi tó le tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí wọ́n sì dé orí ògiri. Bóòtì mẹ́rin ni kí ẹ fi dì wọ́n, kí wọ́n má tò sójú ìlà kan ṣoṣo, torí igi á là. Ẹ fi oògùn bóráàsì pa ojú ibi tí ẹ gé, kí ẹ tẹ́ rọ́bà sáàárín igi àti ògiri, kí ẹ má sì fi sìmẹ́ǹtì dí i pa.

Bí ọ̀pọ̀ ráfítà bá ti ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀, títú òrùlé ló kù. Ṣùgbọ́n káfíńtà tó bá wò ó láti ìsàlẹ̀, tó ní kí ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ ní kó gbé àkàbà wá, kó kọ́kọ́ gòkè lọ fi sukurudáfà dán an wò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.