Fọ́tò tó mọ́lẹ̀ jù ló dára jù: òótọ́ àbí irọ́?

Bí fóònù mẹ́ta bá ya ohun kan náà, ẹnu àwọn tó ń wo fọ́tò náà kì í sábà kò. Ọ̀kan á ní ti àkọ́kọ́ ló mọ́ jù, òmíràn á ní àwọ̀ ti ìkẹta ló wu òun. Ohun mẹ́ta ló yẹ ká fi tò wọ́n: kúlẹ̀kúlẹ̀ tó hàn, àmì wínníwínní tó bo àwòrán, àti bí àwọ̀ inú rẹ̀ ṣe bá ohun tí a yà mu. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ìbàdàn ni mo ti ya tèmi, nírọ̀lẹ́, lábẹ́ gílóòbù kan ṣoṣo. Sányán, adìrẹ ẹlẹ́kọ, ojú ìwé ìròyìn kan àti pépà funfun wà lórí tábìlì, ọmọ iṣẹ́ aránṣọ sì jókòó lẹ́yìn wọn. Mo pe àwọn fóònù náà ní kìíní, kejì àti kẹta, torí orúkọ ilé iṣẹ́ a máa tì èèyàn sí apá kan kó tó la ojú wò.

“Fọ́tò tó mọ́lẹ̀ jù ni ojú máa ń yàn.”

Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdájọ́ ti ń wọ́. Lọ́dún 2018, Marques Brownlee, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe fídíò nípa fóònù, gbé fọ́tò oríṣiríṣi fóònù síta láìdárúkọ wọn, ó ní kí aráyé dìbò. Èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ìkejì rẹ̀ lọ ló sábà ń borí. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ kò sún mọ́ ọn wo kúlẹ̀kúlẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó tò wọ́n, a gbọ́dọ̀ mú ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba. Mo gbé fóònù kọ̀ọ̀kan sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níbì kan náà, mo pa fíláàṣì àti ètò tó ń dán ojú, mo sì tẹ orí pépà funfun náà kí kámẹ́rà lè fi í wọn ìmọ́lẹ̀. Àmọ́ lẹ́ńsì fóònù kan lè fẹ̀ ju ti èkejì lọ. Bí a kò bá sún fóònù bẹ́ẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ìwé ìròyìn lè gba àyè kan náà nínú gbogbo fọ́tò, àfiwé kúlẹ̀kúlẹ̀ ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo ti wo gbogbo wọn. Ojú fóònù kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń kun àwọ̀, fọ́tò tó bá sì gba orí WhatsApp kọjá lọ́nà tí gbogbo èèyàn ń gbà fi í ránṣẹ́ ti kéré sí bó ṣe wà.

“Mẹ́gápísẹ́lì tó pọ̀ ló ń mú kúlẹ̀kúlẹ̀ wá.”

Irọ́ ni, pàápàá nínú yàrá. Fóònù kìíní jẹ́ ti mẹ́gápísẹ́lì 108, ìkejì ti 50, ìkẹta ti 12. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi síta kò ju nǹkan bí 12 lọ. Ti àkọ́kọ́ ń da písẹ́lì mẹ́sàn-án pọ̀ di ẹyọ kan, ìkejì ń da mẹ́rin pọ̀. Ìdí ni pé ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ bí ẹ̀kán òjò ṣe ń bọ́ sínú abọ́. Bí òjò bá ń rọ̀ wẹliwẹli, tí abọ́ sì kéré, ọ̀kan á gba ẹ̀kán mẹ́ta, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gba méje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kan náà ló rọ̀ sí wọn. Àìdọ́gba yẹn ni wínníwínní tí à ń rí. Bí ìmọ́lẹ̀ tí a gbà bá di ìlọ́po mẹ́rin, wínníwínní náà á dín sí ìdajì ní ìfiwéra pẹ̀lú àwòrán.

Mo tún fi mẹ́gápísẹ́lì 108 gbogbo rẹ̀ ya ìwé ìròyìn náà. Fáìlì rẹ̀ tóbi gan-an, àmọ́ kò sí lẹ́tà kan tó ṣeé kà níbẹ̀ tí kò ṣeé kà nínú ti 12.

“Fọ́tò tí kò ní wínníwínní ló mọ́ jù.”

Irọ́ yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà jù, torí náà ẹ jẹ́ ká dúró tì í.

Ògiri ẹ̀yìn ọmọ iṣẹ́ náà mọ́ lónílóní nínú fọ́tò fóònù kìíní. Lẹ́tà ìwé ìròyìn dúdú dáadáa. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á fún un ní ipò àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà dé bó ṣe tóbi gan-an, mo rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí etí lẹ́tà ká. Kò sí ìlà yẹn lórí bébà. Ètò inú fóònù ló fi í pọ́n etí lẹ́tà kó lè dà bíi pé ó mú. Mo wá wo sányán. Òwú rẹ̀ àti ààyè àárín òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ kan náà, irú ibẹ̀ sì ni ètò tó ń pa wínníwínní rẹ́ kì í ti mọ èyí tó jẹ́ àléébù yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ aṣọ. Ó ti pa méjèèjì rẹ́ pọ̀. Sányán di pẹrẹsẹ, irun orí ọmọ náà di ọ̀dà dúdú.

Nínú ti fóònù kejì, wínníwínní wà lára ògiri. Àmọ́ òwú sányán ṣeé tọ̀ lójú, irun sì dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi kọ̀ǹpútà dín wínníwínní rẹ̀ kù díẹ̀, ògiri mọ́, òwú ṣì wà. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ti àkọ́kọ́ tí òwú á fi padà wá. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fún fọ́tò ní máàkì wínníwínní kí a tó wo aṣọ tàbí irun inú rẹ̀.

Irú wínníwínní tún yàtọ̀ síra. Èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun kì í da ojú láàmú. Èyí tó bá ní àbàwọ́n pupa àti àwọ̀ ewé ni kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀.

Ti ìkẹta, ojú ọmọ iṣẹ́ náà rí bàìbàì díẹ̀, aṣọ orí tábìlì kò sì rí bẹ́ẹ̀. Nínú àlàyé fọ́tò ni mo ti rí ìdí rẹ̀: 1/10 ìṣẹ́jú-àáyá ló fi gba ìmọ́lẹ̀, ìkejì fi 1/50 gbà á. Ọmọ náà mí, ó sì hàn.

“Àwọ̀ tó ń dán jù ló jẹ́ òótọ́.”

Irọ́ ni. Pépà funfun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ètò GIMP lè ka R, G àti B lórí ibi tí a bá tọ́ka sí. Lórí pépà náà, fóònù kẹta fún mi ní 214, 211, 205: ó súnmọ́ra, pépà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Ti fóònù kìíní jẹ́ 228, 209, 176: ó ti di pupa ràkọ̀ràkọ̀, ojú ọmọ náà sì tẹ̀ lé e. Mo gbé adìrẹ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà lójú ọ̀sán. Aró rẹ̀ jinlẹ̀. Nínú ti ìkejì, ó ti fẹ́ di èsè àlùkò.

Awọ ara ni kí ẹ wò kẹ́yìn, kí ẹ sì wò ó pẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ni àwọn tó ń fọ fíìmù Kodak fi ń ṣètò àwọ̀. Ọdún 2021 ni Google gbé Real Tone jáde pẹ̀lú Pixel 6 kí kámẹ́rà lè ya awọ dúdú bó ṣe rí. Fóònù tó bá sọ ọmọ aláwọ̀ dúdú di aláwọ̀ pupa kò ya ọmọ náà.

“Fóònù tó gbégbá orókè níhìn-ín á gbà á níbi gbogbo.”

Irọ́. Níbí, ìkejì ló gba ipò àkọ́kọ́ nínú kúlẹ̀kúlẹ̀, ìkẹta ló gbà á nínú àwọ̀. Nínú wínníwínní, ti àkọ́kọ́ ló kéré jù, àmọ́ sányán ló fi san án. Nígbà tí a gbé tábìlì náà síta lọ́sàn-án gangan, òwú sányán hàn nínú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàtọ̀ tó kù wà ní ojú ọ̀run tó funfun bàlàú nínú ti ìkẹta, àti ní abẹ́ tábìlì, níbi tí òjìji ti mú wínníwínní fóònù kejì padà wá.