Àdín, Òrí àti Ojú Tó Ń Gbẹ

Lásìkò ọyẹ́, tí ojú bá ń gbẹ, tí ẹ̀bá ẹnu ń funfun, ohun tó bá wà nílé la sábà máa ń fi pa á: àdín, àdín àgbọn tàbí òrí. Fún apá àti ẹsẹ̀, kò sí èyí tí kò dára nínú wọn. Ojú ló yàtọ̀, nítorí pé awọ ibẹ̀ ń sun ọ̀rá tirẹ̀ gan-an.

Ọmọ ìyá ni àdín àti àdín àgbọn: irú ọ̀rá kan náà ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Lójú ẹni tó máa ń ní irorẹ́, ọ̀rá yìí lè dà pọ̀ mọ́ awọ tó ti kú, kó sì dí ihò ara. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kókó wínníwínní tí kò pọ́n, tí kò sì dunni, á sú síwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àdín tí a fi pa irun náà lè ṣàn wá síwájú orí, kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Òrí kì í sábà dí ihò ara, ó sì bá awọ gbígbẹ mu. Ṣùgbọ́n kò ní omi nínú. Ńṣe ló ń sé omi tó ti wà lára mọ́ ibẹ̀. Nítorí náà, bí a bá bọ́jú tán, kí ojú tó gbẹ, ká bu òrí tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan, ká fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, ká rọra fi í tẹ ojú.

Ká kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí kókó bá sú níbẹ̀, ká má fi pa ojú mọ́. Ẹsẹ̀ ni ká máa fi pa.